Bí A Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Dé Abúlé Ìyá Àgbà Nínú Òjò Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ Ajé

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ la kúrò ní Mọ́níyà, èmi àti Alájì tó ni mọ́tò. Ẹ̀yìn Háílọ́sì rẹ̀ la gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rín ẹ̀gẹ́ sí, òun àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lórí irin kan náà. Ẹni tó rọ ọ́ sọ pé yóò tó kìlógíráàmù 300. Mo gbà á gbọ́, nítorí ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e, ọ̀kan nínú wọn sì lọ jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn náà tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló ni ẹ̀rọ. Abúlé rẹ̀ wà lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní Òkè-Ògùn, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ní ọ̀dà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó rọ ẹ̀rọ ti ní bí a kò bá wá gbé e lọ́sẹ̀ yìí, òun á tà á fún ẹlòmíì, òun á sì rọ òmíràn fún wa ní iye tuntun. Iye tuntun yẹn ni mo ń sá fún.

Lórí ọ̀nà títì, kò sí ohun tí mo lè ròyìn. Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tó kìlómítà 65. Ẹni tó bá rántí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí èèyàn á fi gbogbo àárọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì nínú eruku, yóò mọ ìdí tí Alájì fi ń kọrin. A gba Ìjàyè, a dé Ìsẹ́yìn, a jẹun, a gba Òtu àti Tedé kọjá, ó sì kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù tí a wọ Ṣakí. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń wá ibi tí a ó sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A ò kúrò ní Ṣakí lónìí. Mo bínú díẹ̀, nítorí mo rò pé a lè dé abúlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n Alájì ní òun ò ní wọ ọ̀nà tí òun ò tíì gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó èédú ló ti lọ gbọ́ ìròyìn. Igbó ẹ̀yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èédú ti ń wá, àwọn gan-an ló sì ń ba ọ̀nà jẹ́, nítorí ẹrù wọn wúwo, táyà wọn ń gbẹ́ ojú ipa jinlẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè bóyá ọ̀nà dára. Kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá, àná ni tàbí ìjẹta. Ó bi wọ́n bóyá òjò ti rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kọjá. Nígbà tó kan ti odò, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan ibi tí omi dé lára táyà wọn. Awakọ̀ kan fọwọ́ kan ìdajì táyà. Alájì wo táyà lọ́ọ̀rì náà, ó wo tiwa, ó fi ìbú ọwọ́ wọn ọ́n, ó sì mi orí. Ìdajì táyà lọ́ọ̀rì, bọ́ńpà ni lára Háílọ́sì.

“Ẹ máa rántí,” ó sọ fún mi bí a ṣe ń padà, “bí ẹ bá béèrè bóyá ọ̀nà dára, wọ́n á ní ó dára. Wọn ò purọ́. Mọ́tò tiwọn ga ni.”

A ra pákó líle méjì tó nípọn, okùn, ṣọ́bìrì kan àti àdá kan. Jáàkì ti wà nínú mọ́tò. Mo fẹ́ ra tapólì kékeré kan kí òjò má pa bùrẹ́dì tí mo rà fún Ìyá Àgbà. Alájì ní kí n ra èyí tó fẹ̀ dáadáa, kò sì sọ ìdí.

Ọjọ́rú

Aago márùn-ún ààbọ̀ la jáde. Òjò ibí sábà máa ń dé lọ́sàn-án lọ sí ìrọ̀lẹ́, tàbí lóru, nítorí náà òwúrọ̀ ló yẹ kéèyàn fi rin ibi tó burú. A gba Agó-Àmọ̀dù kọjá, a dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a sì yà kúrò lórí ọ̀dà ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Mo wo nọ́ńbà kìlómítà lára mọ́tò kí n lè mọ iye tó kù. Nígbà tí a padà ni mo rí i pé kìlómítà 19 ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ síhìn-ín nítorí pé ọjọ́ méjì ni kìlómítà 19 yẹn gbà wá.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe oríṣi ilẹ̀ kan, n kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí Alájì fi ń fi hàn mí. Níbi tó bá ga, òkúta pupa wẹẹrẹ ló wà nílẹ̀. Omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀, táyà sì ń rí nǹkan dì mú, kódà bí òjò ṣì ń rọ̀. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ á di yanrìn, nítorí òjò ọdún pípẹ́ ti fọ amọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní àkùrọ̀, ni gbogbo amọ̀ tí omi fọ̀ wá látòkè gbé wá jókòó. Dúdú ni, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí iyán. Láti òkè kan sí òkè kejì, bí ilẹ̀ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn nìyẹn: òkúta, yanrìn, amọ̀, yanrìn, òkúta. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní bẹ̀rù ìyókù. Ẹ̀rù àkùrọ̀ nìkan ni yóò máa bà á, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ ni àkùrọ̀ kì í sábà ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ.

Ní gbogbo àkùrọ̀, Alájì á dúró lórí yanrìn, á pa mọ́tò, á sì fi ẹsẹ̀ rin ín já. Ó ń tẹ àárín ọ̀nà, ó ń tẹ ojú ipa, ó ń fi igi gún un. Níbi tí igi bá wọlẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ láìdé ohun líle, kì í gba ibẹ̀. Mẹ́ta la gbà bẹ́ẹ̀, láìsí wàhálà.

Ẹ̀bi mi ni ẹ̀kẹrin. Ojú ipa rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, alùpùpù méjì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ lójú wa. Mo ní, “Alájì, èyí ti gbẹ o, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ̀ kalẹ̀, ó gbà sí mi lẹ́nu. A rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́ èèpo ẹ̀pà, ìdí mọ́tò sì rì. Ojú amọ̀ nìkan ló gbẹ. Abẹ́ rẹ̀ dà bí ògì. Alùpùpù fúyẹ́, èèpo yẹn gbà á. Kò gba àwa àti ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́.

Táyà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, Alájì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó tẹná mọ́ ọn. Kò dá mi lóhùn, ó pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìgbà tí inú rẹ̀ rọ̀ ló ṣàlàyé pé bí táyà bá ti yí lójú kan, kòtò tirẹ̀ ló ń gbẹ́, ìdajì táyà tó rì lè di odindi táyà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó mú wa gan-an kì í ṣe táyà. Ilẹ̀ tó ga láàárín ojú ipa méjèèjì ti gbé ikùn mọ́tò, irin róbótó tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ti jókòó lé e lórí. Àní bí táyà bá rí ilẹ̀ tẹ̀, ikùn ò ní kúrò.

Nítorí náà, abẹ́ ikùn la kọ́kọ́ gbẹ́. Mo dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wa amọ̀ jáde, Alájì sì ń lọ ṣa òkúta lórí òkè tí a ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Mo ti gé ẹ̀ka igi tútù kí ó tó padà, mo fẹ́ tẹ́ ẹ sábẹ́ táyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ewé tútù lórí amọ̀? Ọbẹ̀ ilá lẹ fẹ́ sè fún táyà yìí.” Òkúta ló fẹ́, òkúta ọlọ́wọ́ kan, tí kò dán.

Jáàkì kò ṣeé gbé lé amọ̀, á kàn máa wọlẹ̀ ni. Pákó la tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ kán. Èkejì gbà. Bí táyà ẹ̀yìn kan ṣe gbéra nílẹ̀, a da òkúta sínú kòtò rẹ̀ títí ó fi kún, a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a lọ sí èkejì. Àgbẹ̀ méjì tó ń ti oko bọ̀ bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n sì bá wa gbẹ́ iwájú táyà kó lè ní ọ̀nà tí yóò gùn jáde. Wọn kò dárúkọ owó. Mo fún wọn ní bùrẹ́dì kan nínú ti Ìyá Àgbà àti owó díẹ̀. Mo gbọ́ pé ní ibòmíì, àwọn ọ̀dọ́ kan ń bu omi sí kòtò lóru kí iṣẹ́ má baà tán. N kò rí irú wọn níbí.

Gíà kìíní, iná díẹ̀, mọ́tò jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹrù tó mú wa rì náà ló ràn wá lọ́wọ́ láti jáde, nítorí táyà ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò yìí, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ sì tẹ̀ wọ́n mọ́ òkúta dáadáa.

Ojú ọ̀run ti ṣú nígbà tí a dé abà kan, ní kìlómítà kejìlá. Bàbá tó ni abà ní kí a má lọ, a sùn síwájú ilé rẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Kò dá títí di aago mẹ́ta. Mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì ń ronú nípa odò.

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ la dé odò náà. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní, “Odò ni.” Omi rẹ̀ pupa bí epo, ìfófòó funfun ń bá a lọ, pẹ̀lú ewé, èèpo igi, àti odindi igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Àbúrò mi, ọmọ Ìyá Àgbà, ti gun alùpùpù wá pàdé wa, ó wà ní òdìkejì, ó ń ju ọwọ́ sí wa. Kò lè rékọjá.

Afárá kékeré kan wà níbẹ̀ rí. Kọ́ńkéré róbótó ni wọ́n tẹ́ sínú odò, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ihò rẹ̀ kéré fún omi ibẹ̀. Igi àti pàǹtí dí i lọ́jọ́ kan, omi gun orí rẹ̀, ó sì yí gba ẹ̀gbẹ́, ó gbé yẹ̀pẹ̀ lọ ní ọ̀tún àti ní òsì. Kọ́ńkéré nìkan ló kù láàárín omi bí imú ẹni tó lúwẹ̀ẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi ti ń já wálẹ̀, ni kòtò tó jìn jù lọ wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, apá ibi tí omi ti ń bọ̀ wá bá afárá ni yóò gbà, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Alájì ṣẹ́ igi kan, ó fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára, ó gún un mọ́ etí omi gan-an. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní, ó sì sùn.

Ó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo gbé ní Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́rin mọ bí Odò Ògùn ṣe ń kún. Tó bá kún níbẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kí ó tó fà. Bàbá abà, tó tẹ̀ lé wa wá, ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Odò Ògùn yẹn, ẹ̀bá Ṣakí níbí ló ti ṣẹ̀. Omi tó ń dé Abẹ́òkúta ti gba ọ̀dọ̀ Odò Ọ̀fíkì àti àìmọye odò kéékèèké kọjá, òjò ọ̀pọ̀ ibi ní Òkè-Ògùn ló ń kó bọ̀. Omi tó wà níwájú wa yìí, òjò òkè méjì mẹ́ta péré ni. Bí òjò bá dá, kò sí ohun tí yóò tún máa bọ̀ wá sínú rẹ̀. Ó ń kún kíákíá, ó sì ń fà kíákíá. “Òjò dá láago mẹ́ta,” ni bàbá wí. “Ẹ jẹun kí ẹ dúró.”

Mo jókòó ti igi náà. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹnìkan tó mọ ibẹ̀ wọ inú omi, ó dé ìbàdí rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, omi ti fi igi wa sílẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kan. Ìfófòó ti ń dínkù, igi kò sì gba iwájú wa kọjá mọ́. Àwọn méjì yìí ni bàbá ní kí n máa wò, nítorí bí pàǹtí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbà tí ojú ọjọ́ wa mọ́, a jẹ́ pé òjò tuntun ti rọ̀ lókè tí a kò rí.

Àwọn ọlọ́kadà kò dúró. Ọkùnrin mẹ́rin ń fi òpó igi méjì gbé alùpùpù lé èjìká kọjá, wọ́n ń gba owó. Ó dára láti wò.

Láago mọ́kànlá, mọ́tò akérò kan dé, ìyẹn àwọn onílẹ̀kùn tí ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ti dé itan nígbà náà. Awakọ̀ rẹ̀ sọ èrò kalẹ̀, ó wo omi, ó wo aago rẹ̀. Alájì jí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù díẹ̀.” Ó ní òun ti pẹ́. Ó sáré wọ inú omi, omi sì gbéra níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ó dé àárín, ẹ́ńjìnnì kú. Títí dé ibẹ̀, kò tíì burú jù. Ó yí kọ́kọ́rọ́ láti tún un tan. A gbọ́ “kà!” kan, lẹ́yìn rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́. Alájì di orí mú.

Ẹ́ńjìnnì ti fa omi mu dípò afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ pọ̀, omi kò ṣeé tẹ̀. Nígbà tí piston gòkè tó bá omi níbẹ̀, irin tó gbé e ló tẹ̀. Ká ní kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni, tí a fà á jáde, tí a tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì, tí a sì yí ẹ́ńjìnnì kí omi tú jáde níbi ihò wọn, ó ṣeé ṣe kó tún ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. A fi okùn wa fà á padà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́tò rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì da omi inú rẹ̀ nù.

Láago kan, omi wà ní orúnkún. Láago méjì ààbọ̀, ó wà ní agbede-méjì ojúgun. Alájì wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rin ibi tí táyà ọ̀tún yóò gbà, ó padà, ó rin ti òsì. Níbi tí omi bá ti ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó ní mọ́tò pẹ̀lú kò ní dúró níbẹ̀. Ó fi igi méjì sàmì sí òdìkejì fún àbúrò mi láti dúró láàárín wọn.

Mo béèrè bóyá ká sọ ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó ní rárá, ẹ̀rọ ni yóò di ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ iṣẹ́ tapólì. Ó so ó mọ́ iwájú mọ́tò, ó bo gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí omi má baà ya wọ inú lu fáànù, tí fáànù á fi tẹ̀ kan rádíétọ̀. Ó ní kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì á gbóná.

Gíà kìíní látòkè, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Bí ẹni ń rìn lọ kí àna rẹ̀ ló ṣe wọ inú omi, iná rẹ̀ kò lọ sókè, kò bọ̀ sílẹ̀. Omi ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ níwájú wa, lẹ́ẹ̀kan táyà òsì jìn, ọkàn mi fò, àmọ́ a ti jáde kí n tó dárúkọ Ọlọ́run tán. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Wákàtí mẹ́fà ni a fi dúró dè é.

Lórí òdìkejì, ó tú tapólì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ bírékì fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí a ti ń lọ, kí ó lè gbẹ. Ìyá Àgbà ti wà níta nígbà tí a dé. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo aṣọ mi, ó ní, “Ọkọ mi, ṣé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wú ọ jáde ni?”

Ọjọ́ Ẹtì

A fi kọ́ńkéré gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sẹ́yìn ilé. Kò ní gbẹ tán títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, síbẹ̀ Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n tàn án. Àwọn ewúrẹ́ sá lọ. Alájì lọ kírun Jímọ̀, ó sì sùn títí di alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òjò kò rọ̀ lóru méjèèjì, a sì tètè jáde. Kò sí ẹrù lẹ́yìn mọ́tò mọ́, ìdí rẹ̀ sì ń jó káàkiri lórí amọ̀, ni a bá kó àpò ẹlùbọ́ mẹ́rin tí Ìyá Àgbà fún wa sí ìkángun ẹ̀yìn pátápátá, ó sì dẹ̀rọ̀ díẹ̀. Odò kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n ti fa mọ́tò akérò yẹn lọ. Mo wá igi wa tí a sàmì sí, n kò rí i. Ọmọ Fúlàní kan ló ń fi í da màlúù rékọjá.